Nǹkan oṣù tó pọ̀ lápọ̀jù

Nǹkan oṣù tó pọ̀ lápọ̀jù ni ìsun ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tí ó pọ̀ débi pé ó ń dí obìnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí tí ó ń ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Bí òòyì àti àárẹ̀ bá bá a rìn, ó lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń wáyé díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń yára tán lára ní wákàtí náà gan-an. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú láìpẹ́. Ti èkejì jẹ́ pàjáwìrì. Ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ ìyàtọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára jáde, bí ara ṣe rí nígbà ìsinmi, àti bóyá oyún lè wà.

## Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 30 sí 40 nínú nǹkan oṣù kan. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń ka ohun tí ó bá ju mílílítà 80 lọ sí àpọ̀jù. Nítorí pé ó ṣòro láti wọn ẹ̀jẹ̀ nílé, iye páàdì ni a máa ń kà. Nǹkan oṣù ti pọ̀ jù bí ó bá ju ọjọ́ 7 lọ, bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, bí obìnrin bá ní láti jí lóru láti pààrọ̀ rẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ dídì tí fífẹ̀ rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ bá ń jáde.

## Ohun tí ń fa òòyì àti àárẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde máa ń kó èròjà irin, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, lọ pẹ̀lú. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dín kù, yóò sì máa mọ́ obìnrin náà lára. Ó lè máa mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, kí ó sì rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Òòyì irú èyí sábà máa ń wá nígbà tí ó bá dìde lójijì, a sì máa lọ bí ó bá jókòó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yára jáde, ìwọ̀n tí ó wà nínú iṣan yóò dín kù lójijì. Ọkàn yóò máa lù kíkan kí ìwọ̀nba tí ó kù lè dé ọpọlọ. Òògùn tútù lè bo ara, òòyì náà kò sì ní lọ bí ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀.

## Àwọn àmì pàjáwìrì

Ó yẹ kí a gbé obìnrin lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà:

* páàdì ńlá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń kún fọ́fọ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí méjì tí ó tẹ̀ léra;
* ó dákú, tàbí òòyì kò lọ nígbà tí ó dùbúlẹ̀;
* ọkàn rẹ̀ ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà ìsinmi, kò lè mí dáadáa, tàbí àyà ń dùn ún;
* ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn, tàbí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́;
* oyún wà tàbí ó lè wà.

Lára aláwọ̀ dúdú, inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ ni a ti lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ní ti oyún, èyí tí ó dúró síta ilé-ọmọ lè máa da ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí ó hàn síta lè kéré nígbà tí ewu pọ̀, pàápàá bí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan tàbí orí èjìká bá ń dùn ún.

## Àpẹẹrẹ

Ká ní obìnrin ẹni ọdún 34 kan ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, òòyì sì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 84 nígbà ìsinmi, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kò lóyún. Ó yẹ kí ó rí dókítà lọ́jọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì. Bí páàdì mẹ́ta bá kún láàárín wákàtí méjì ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù ní ìgbà 118 bí ó ti dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀, kò sì gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀.

## Ní ilé ìwòsàn

Àyẹ̀wò oyún àti ti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń ṣe. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ lè dà bíi pé ó tó ní wákàtí àkọ́kọ́, nítorí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ àti èròjà pupa rẹ̀ jọ ń jáde ni. Ìdí nìyí tí a fi ń tún un yẹ̀ wò. A lè fún obìnrin náà ní oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tàbí kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Lẹ́yìn náà ni a ó wá orísun rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìju inú ilé-ọmọ, tàbí àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn irin ni a fi ń dá ohun tí ó ti sọnù padà, a sì máa ń lò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Kò yẹ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fi asipírínì pa ìrora, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.