Àṣìṣe àmì nínú òfin fólítéèjì Kirchhoff

Àṣìṣe àmì nínú òfin fólítéèjì Kirchhoff ni fífi àmì + síbi tí − yẹ kí ó wà, tàbí − síbi tí + yẹ, nígbà tí a bá ń ṣírò fólítéèjì yí ìyípo kan ká nínú àyíká iná mànàmáná. Gustav Kirchhoff, onímọ̀ físíksì ará Jẹ́mánì, ni ó gbé òfin náà jáde ní ọdún 1845: bí a bá ro gbogbo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ fólítéèjì inú ìyípo kan pọ̀, òdo ni yóò jẹ́. Ìdọ́gba tí àmì rẹ̀ kò tọ́ náà a máa ní ìdáhùn, nítorí náà àṣìṣe yìí kì í tètè hàn. Ìfiwéra agbára ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

== Ìlànà àmì ==

A ó kọ́kọ́ yan ìhà tí ìṣàn iná ń lọ, lẹ́yìn náà a ó rin ìyípo náà ká. Orí bátìrì ni ó ń pinnu àmì tirẹ̀: láti orí − sí orí + jẹ́ ìgòkè, láti + sí − jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀, ìhà yòówù kí ìṣàn máa lọ. Ti adènà yàtọ̀: ìsọ̀kalẹ̀ ni bí a bá ń bá ìṣàn lọ, ìgòkè ni bí a bá ń lòdì sí i. Dída ìlànà méjèèjì yìí pọ̀ ni orísun ọ̀pọ̀ àṣìṣe. Bí a bá yan ìhà òdì fún ìṣàn, èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ìdáhùn yóò kàn ní àmì − ni.

== Àpẹẹrẹ ==

Bátìrì fólítì 12 ń fi iná sínú bátìrì fólítì 6 nípasẹ̀ adènà óòmù 2 àti óòmù 1. Ìṣàn ń jáde láti orí + ti àkọ́kọ́, ó sì ń wọ orí + ti èkejì. Nítorí náà:

```
12 − 2I − 6 − 1I = 0
I = 2
```

Ìṣàn náà jẹ́ ámpíà 2. Ẹni tí ó bá rò pé bátìrì gbọ́dọ̀ máa fi fólítéèjì kún un nígbà gbogbo yóò kọ +6, yóò sì rí ámpíà 6.

== Ìfiwéra agbára ==

Agbára tí a fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí a gbà. Bátìrì tí ìṣàn ń jáde láti orí + rẹ̀ ń fi agbára sílẹ̀; èyí tí ìṣàn ń wọ orí + rẹ̀ ń gbà á. Gbígbà nìkan ni ti adènà, iye rẹ̀ sì jẹ́ I²R.

Pẹ̀lú ámpíà 2, bátìrì ńlá fi wáàtì 24 sílẹ̀. Àwọn adènà gba 8 àti 4, bátìrì kékeré gba 12. Àpapọ̀ ohun tí a gbà jẹ́ 24, ó sì dọ́gba. Pẹ̀lú ámpíà 6, a fi 72 sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn adènà gba 108, bátìrì kékeré sì gba 36: 144 ni àpapọ̀. Àṣìṣe ti hàn.

== Ààlà rẹ̀ ==

Inú àwòrán àyíká ni a gbọ́dọ̀ ti wo orí bátìrì nígbà ìfiwéra, kì í ṣe inú ìdọ́gba. Bí a bá tún ka bátìrì kékeré sí olùfúnni, 72 àti 36 yóò di 108, yóò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn adènà, àṣìṣe náà yóò sì farapamọ́. Bákan náà, bí a bá ya orí bátìrì sí òdì nínú àwòrán, ìfiwéra yìí kò lè mọ̀ ọ́n.