Bí A Ṣe Lè Dá Ayédèrú Wáyà Iná Mọ̀ Kí A Tó Fi Sínú Ilé

Ẹni tó ń kọ́lé ní Ṣúpárè Àkókó lè lọ ra wáyà iná ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́. Ibi yòówù kó ti rà á, kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára wáyà nìkan. Bí a bá ti rẹ́ ògiri bo wáyà tán, kò sí ẹni tó tún lè rí i mọ́. Ìgbà tó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ni kí oníṣẹ́ iná tó fà á sínú páìpù.

Ẹ jẹ́ kí a mú wáyà 2.5, tí a sábà máa ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. 2.5 yìí kì í ṣe ìbú wáyà. Ìwọ̀n ojú bàbà ni, ìyẹn ibi tí a gé e sí, ní mílímítà níbùú lóròó. Bí bàbà náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìbú rẹ̀ yóò sún mọ́ mílímítà 1.78. Kí oníṣẹ́ iná bó orí wáyà, kó sì fi fáníà wọn bàbà nìkan, láìka ike mọ́ ọn. Bí ó bá rí 1.4, wáyà 1.5 ni wọ́n kọ 2.5 sí lára. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ méje ni wọ́n lọ́ pọ̀, ìbú ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹ kó sún mọ́ 0.67.

Ewu ibẹ̀ ni pé bí iná kan náà bá gba inú wáyà 1.5, ooru tí yóò mú jáde lé ní ìlọ́po kan àbọ̀ ti 2.5. Fíúsì tí a yàn fún wáyà 2.5 kò mọ̀ pé wáyà náà tín-ín-rín, nítorí náà ó lè má já kí ike tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú ògiri.

Ẹ̀tàn kejì ni alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára. Pupa ni lójú, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀bẹ ha á dáadáa, funfun bíi fàdákà yóò hàn nínú rẹ̀. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, nítorí a ń lò ó fún wáyà orí òpó. Ìwà èrú ibẹ̀ ni pé wọ́n tà á bíi bàbà. Kì í gbé iná tó bàbà, ó sì máa ń dẹ̀ níbi tí a ti fi ìdè dè é mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ a sì máa gbóná.

Òṣùwọ̀n lè tú àṣírí ẹ̀tàn méjèèjì. Odindi róòlù wáyà 2.5 tó jẹ́ bàbà, tó gùn ní 100 mítà, máa ń sún mọ́ kílò mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ 100 yáàdì, yóò dín díẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé kò tó kílò méjì, bàbà inú rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀, ike tó nípọn jù lè fi kún ìwúwo, nítorí náà òṣùwọ̀n kò rọ́pò fáníà.

Ike tó bo wáyà 2.5 yẹ kó nípọn tó mílímítà 0.8 yí ká. Ẹ wo ojú ibi tí a gé: bí bàbà bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ike ibẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Ti wáyà àwo sátẹ́láìtì yàtọ̀. Ó ní àwọ̀n irin tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ike, tí í dènà ariwo láti ìta. Bí àwọ̀n náà bá fọ́nká tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè ka okùn rẹ̀ ní wàràwàrà, àwòrán lè máa já.

Ní ti àmì, MANCAP ni àmì tí àjọ SON fi ń jẹ́rìí sí ọjà tí a ṣe ní Nàìjíríà. SONCAP jẹ́ ìwé ẹ̀rí fún ọjà tí a kó wọlé. Ẹ lè ní kí ọlọ́jà fi ìwé náà hàn. Àmì CE kì í ṣe ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ Nàìjíríà kankan. Àmì yòówù kó wà lára wáyà, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ fi fáníà àti òṣùwọ̀n tì í lẹ́yìn. Ẹ tún wo bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ pé lẹ́tà, bóyá ìwọ̀n wáyà sì wà lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára bébà róòlù nìkan.

Ẹ gba rìsíìtì tó sọ irú wáyà àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi àbùkù hàn, ẹ má ṣe gé wáyà tó kù. Ẹ kó o padà pẹ̀lú rìsíìtì náà, nítorí òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà. Ẹ tọ́jú ègé kan tí àkọlé rẹ̀ hàn, kí ẹ lè fi í sùn fún àjọ SON.