Ìpẹ́lẹ́yìn ohùn nínú ẹ̀rọ ìfetígbọ́ aláìlówáyà

Ìpẹ́lẹ́yìn ohùn ni àkókò tó máa ń kọjá láàárín ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá gbé ohùn jáde àti ìgbà tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ọ. Kí ohùn tó gba orí Bluetooth kọjá, kọ̀ǹpútà ní láti fún un pọ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ ní ìdì-ìdì. Ẹ̀rọ etí yóò kọ́kọ́ kó ìdì mélòó kan jọ, kí ohùn má baà já bí ọ̀kan bá pẹ́ lọ́nà. Èyí lè gba ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹni tó ń wo fídíò lásán lè má mọ̀ ọ́n, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè mú kí àwòrán dúró de ohùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ ìgbà tí olórin yóò tẹ dùùrù orí kọ̀ǹpútà; ohùn yóò máa kẹ́yìn ìka rẹ̀ ni.

Nínú fídíò tó ń lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdámárùn-ún yìí jẹ́ àwòrán 5. Bí olótùú fídíò bá fa ohùn síwájú ní àwòrán 5 kí ó lè bá ètè mu ní etí tirẹ̀, àwọn tó ń lo wáyà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ètè tó mì.

Ojútùú tó dájú ni láti lo wáyà. Bí ìpẹ́lẹ́yìn bá ṣì wà, a lè dín iye Buffer Size kù nínú ètò ohùn, fún àpẹẹrẹ sí 128. Bí ohùn bá ń ta pàrà-pàrà, a ó gbé e sókè díẹ̀.