Firíjì Olóòrùn Níwájú Ìgbìmọ̀ Tí Kò Fẹ́ Rà Á

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ni, lápá Òkè Ògùn, níbi tí iná ìjọba máa ń lọ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rántí ilé. Firíjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fẹ́ kí ìgbìmọ̀ rà ti wà ní yàrá ìpàdé. Obìnrin tó ń tà á ti so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì òòrùn fún ọjọ́ mélòó kan kó lè tutù dénú. Nígbà tó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àná, ó yọ okùn iná rẹ̀ lójú nọ́ọ̀sì àgbà, ó fi tépù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, nọ́ọ̀sì sì buwọ́ lu tépù náà. Témómítà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú. Láàárọ̀ yìí ó kàn wo tépù ni, kò ṣí i. Ó ní bí òun bá ṣí i, ẹnìkan á ní òun ti ki nǹkan bọ̀ ọ́.

Agogo méje ààbọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń pe àwọn márààrún tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ló sì bi gbogbo wọn: “Kí ni kò ní jẹ́ kí ẹ rà á?” Ohun tí wọ́n sọ ló kọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹnjiníà ní, “A ti ra oní-bátìrì rí. Kò pé ọdún mẹ́rin tí bátìrì fi kú. Fáìlì ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀ báyìí.” Akáwóńtáǹtì ní, “Owó yìí á ra firíjì mẹ́ta lọ́jà.” Nọ́ọ̀sì àgbà ní, “Kó má lọ sọ abẹ́rẹ́ mi di yìnyín.” Apoògùn ní, “Ta ni yóò tún un ṣe?” Alága nìkan ni kò sọ nǹkan kan. “Ẹ máa bọ̀, a ó gbọ́,” ló wí. Òfìfo ni iwájú orúkọ rẹ̀.

Lódìkejì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó kọ ohun tí olúwa rẹ̀ lè fojú rí tàbí fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò wọ ibẹ̀. Ó sì ní ọ̀rọ̀ olè tó ń jí pánẹ́ẹ̀lì àti ti eruku ọyẹ́ nínú àwọn ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú wọn tó mẹ́nu kàn án, ló bá fi wọ́n sápò. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹtajà ti ń kọsẹ̀: wọ́n á dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ olùrajà ní ìbẹ̀rù tuntun.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló fi ṣáájú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti já kulẹ̀ rí kò ní gbọ́ ìṣirò kankan títí wọn ó fi yanjú ọ̀rọ̀ ti àtijọ́.

Agogo mẹ́sàn-án. Ó mú ẹnjiníà lọ sẹ́yìn ilé. Igi máńgò kan wà níbẹ̀ tí òjìji rẹ̀ máa ń gun orí òrùlé láàárọ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé bí òjìji bá bo apá kékeré lára pánẹ́ẹ̀lì, agbára tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè fi púpọ̀ dínkù, ju bí apá tó bò ti kéré tó lọ. Àwọn méjèèjì jọ fi okùn wọn ibi tí òjìji dé. “Sà, bí wọn ò bá gé ẹ̀ka yẹn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má rà á.” Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ igi ti kúrò lẹ́nu òǹtajà, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnjiníà ilé ìwòsàn.

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. “Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Irú firíjì tó wà ní yàrá fáìlì yín yẹn, èmi náà ò ní dá a lábàá fún yín mọ́.” Gbogbo wọn gbé orí sókè. Ó ní bátìrì ló jẹ́ àìlera irú yẹn, nítorí ó máa ń gbó láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, owó rẹ̀ kì í sì í sí nínú ìnáwó ọdọọdún. Nínú èyí, òòrùn ló ń yí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ní tààrà. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á sọ omi tó wà nínú ògiri firíjì di yìnyín lọ́sàn-án, yìnyín yẹn ló sì ń mú òtútù dúró lóru. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí ẹnjiníà wá bátìrì. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wá a lọ wá a bọ̀. “Kò sí.” Òǹtajà fi kún un pé àwọn kan lára irú firíjì yìí ní bátìrì kékeré tó ń yí fáànù, ṣùgbọ́n èyí kò ní. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá sọ ọ́, ẹnjiníà lè rí i níbòmíràn, kó sì rò pé wọ́n parọ́ fún òun.

Nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ló ya tépù. Ó ka témómítà sókè: láti àná, kò tíì lọ sísàlẹ̀ ju dígírì 3.6 lọ, kò sì gòkè ju 5.1 lọ. Láàárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára wà; ti mẹ́dọ̀wú B àti ti alápapọ̀ máa ń bàjẹ́ bí ó bá dì. Bí ọ̀rọ̀ yìnyín ṣe parí nìyẹn, òǹtajà kò sọ gbólóhùn kan lórí rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, òru kan péré lẹ rí yìí o.” Ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè pé kí irú firíjì yìí lè mú òtútù dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán láìsí òòrùn, nínú ooru dígírì 43. Ó na ìwé ẹ̀rí sí apoògùn, ó ní kí firíjì náà wà láìsí iná títí di ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Kò gbé ìṣirò tirẹ̀ jáde. Ó ní kí akáwóńtáǹtì ṣí ìwé epo ilé ìwòsàn. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ó ń jẹ lítà kan ní wákàtí kan: lítà 150 lóṣù. Akáwóńtáǹtì ti ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò nígbà tí obìnrin náà dá a dúró. “Sà, ẹ yọ ti yàrá ìgbẹ̀bí kúrò. Wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ ṣì máa tan jẹnẹ.” Lítà 90 ló kù. Akáwóńtáǹtì wò ó lójú, ó tún un ṣe, ó sì sọ iye ọdún tí owó náà yóò fi padà fúnra rẹ̀. Ọdún náà pọ̀ ju bí ó ti rí lákọ̀ọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ló ṣírò rẹ̀, kò bá a jiyàn.

Fún apoògùn, ó ní òun ti kọ́ oníṣẹ́ iná kan ládùúgbò, ọkùnrin náà sì jókòó sẹ́yìn.

Agogo mọ́kànlá kọjá. Alága la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. “Arábìnrin, bí ìwọ àti oníṣẹ́ iná yìí bá kúrò níbi iṣẹ́ yín ní ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?”

Kò sí nínú ìwé. Ó ní òun kò ní ìdáhùn tó dáa sí i báyìí, òun á kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ìyẹn sàn ju kó máa wá ọ̀rọ̀ dí àlàfo lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé ó yẹ kó ti mú un. Ẹni tó dákẹ́ lórí fóònù ni ó yẹ kó tọ akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ nítorí rẹ̀, kó béèrè àwọn ohun tí alága ti kọ̀ láti fọwọ́ sí rí. Irú ìwé ìpàdé bẹ́ẹ̀ ì bá ti sọ fún un pé ọkùnrin náà kì í ra ọjà tí ẹnìkan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Agogo méjì ọ̀sán. Akọ̀wé mú ìpinnu jáde. Ọ̀kan ni wọ́n á rà, kì í ṣe mẹ́ta tí òǹtajà wá bá wọn sọ. Kí wọ́n gé ẹ̀ka máńgò kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Kí wọ́n kó àwọn ẹ̀yà tó máa ń tètè bàjẹ́ sí yàrá apoògùn. Kí ìwé àdéhùn àtúnṣe sì jẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, kí orúkọ ẹnikẹ́ni má sí nínú rẹ̀. Alága ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti ìkẹyìn yìí sí etí ìwé.