Àrùn wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí

Àrùn wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀bátí, tàbí atẹráítíìsì, jẹ́ àìsàn àwọn tó ti lé ní ẹni 50 ọdún. Ní 1890, dókítà Jonathan Hutchinson ṣàpèjúwe bàbá arúgbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò lè dé fìlà mọ́, nítorí awọ orí ń dùn ún. Ẹ̀fọ́rí a máa bá a rìn. Èjìká àti ìbàdí nǹkan bí ìdajì àwọn aláìsàn náà a sì máa gan ní òwúrọ̀. Èyí ni polimayájíà. Àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn dúdú, nítorí náà ó rọrùn láti pè é ní làkúrègbé lásán. Ṣùgbọ́n bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ojú bá dí, ojú tó fọ́ kì í sábà là mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fún aláìsàn ní pirẹdinisolóònù, 40 sí 60 mílígíráàmù lójúmọ́, láìdúró de èsì àyẹ̀wò ẹran iṣan náà. Fún polimayájíà nìkan, nǹkan bí 15 ti tó.