Lẹ́tà Tí Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Bí Amazon bá dá àkáǹtì òǹtajà dúró nítorí ẹ̀sùn àwọn oníbàárà, "ẹ̀bẹ̀" ni ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ pe lẹ́tà tó yẹ kó kọ sí wọn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ á ka bùkátà ọrùn rẹ̀, á ní kí wọ́n ṣàánú òun, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ka lẹ́tà náà kò wá àánú. "Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn" tí a lè yá ní kóòtù ń sọ pé ìdájọ́ ni kò tọ́; ìgbà tí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ irọ́, tí ẹ̀rí sì wà, nìkan ló bá a mu. "Lẹ́tà àtúnyẹ̀wò" ni mo yàn, torí pé nǹkan ti yí padà ni òǹtajà fẹ́ fi hàn.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dájọ́ ni wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ ní Order Defect Rate. "Ìdá ọjà alábùkù" máa ṣini lọ́nà, nítorí ọjà lè pé pérépéré kí oníbàárà má rí i gbà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń kà: ìràwọ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n fún òǹtajà, ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní A-to-z, àti owó tí báńkì oníbàárà fà padà. Mo pè é ní "ìdá títà tó dẹ̀sùn". Ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 1% láàárín ọjọ́ 60.

Ká sọ pé ẹnì kan ta ife gíláàsì fún ènìyàn 400 láàárín àkókò náà, tí 8 dẹ̀sùn pé ife fọ́. 2% nìyẹn. Amazon á ní kó sọ ohun tó fa ọ̀ràn náà. Bí a bá kọ "ìdí" níbẹ̀, á dáhùn pé àwọn akẹ́rù ló fọ́ ọ. "Okùnfà" ló yẹ, torí ó ń rán an padà sídìí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa rí i pé ife oníméjì ni gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, pé èyí tó ń tà ní ẹyọ kan kò fọ́ rárá. Inú páálí kan náà ló ń kó méjèèjì sí láìfi nǹkan kan sáàárín wọn, ni gíláàsì bá ń gbá gíláàsì.

Apá tó kù ni àtúnṣe àti ìdènà, ibẹ̀ sì ni "a máa gbìyànjú" ti ń ba lẹ́tà jẹ́. Yorùbá ní "ti" fún àtúnṣe àti "ń" fún ìdènà, kí òǹtajà lò wọ́n: "A ti dá owó àwọn oníbàárà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà. A ti yọ ife oníméjì kúrò lórí àtẹ, a sì ti tún gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ dì. A ń fi páálí nípọn sáàárín ife méjèèjì báyìí. A sì ń ju ẹrù kan sílẹ̀ láti ibi tó ga tó ìbàdí kí a tó fi irú ìdì tuntun èyíkéyìí ránṣẹ́. Rìsíìtì páálí náà àti fọ́tò rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí."