Ètò Ohùn Mónò àti Ìdọ́gba Òsì-Ọ̀tún fún Ẹni tí Etí Rẹ̀ Kan Ṣoṣo Ń Gbọ́ràn Dáadáa

Àlàyé yìí wà fún àwọn olùgbé ìpínlẹ̀ wa tí etí wọn kan ń gbọ́ràn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ìkejì kò gbọ́ rárá tàbí tí ó ń gbọ́ díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa pàdánù ohun tí kò mọ̀ pé òun ń pàdánù nígbà tí ó bá fi íápíìsì sétí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó ń ti inú fóònù jáde kì í ṣe ohùn kan, bí kò ṣe ohùn méjì tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Sitẹ́rió ni à ń pe ètò yìí. Ẹni tí ó gba orin tàbí eré sílẹ̀ a máa pín in sí ipa méjì: ipa òsì fún etí òsì, ipa ọ̀tún fún etí ọ̀tún. Nígbà mìíràn ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó nǹkan. Nígbà mìíràn ó pọ̀ gan-an. Nínú ẹ̀dà sitẹ́rió ti àwo orin Please Please Me tí àwọn Beatles gbé jáde ní ọdún 1963, ọ̀tún ni ohùn àwọn akọrin wà, òsì sì ni gìtá àti ìlù wà. Ẹni tí etí òsì rẹ̀ nìkan ń gbọ́ yóò gbọ́ ìlù àti gìtá, ṣùgbọ́n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ẹni tí ó ń kọrin.

Ohun tí ètò mónò ń ṣe ni pé ó ń da ipa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ó sì ń fi àdàpọ̀ náà ránṣẹ́ sí òsì àti sí ọ̀tún bákan náà. Etí yòówù tí ó bá ń gbọ́ yóò wá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ètò fún aláìní o. Brian Wilson ti ẹgbẹ́ Beach Boys, tí etí ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan, ni ó ṣe àwo orin Pet Sounds ní ọdún 1966, mónò ni ó sì ṣe é.

Ìdọ́gba òsì-ọ̀tún yàtọ̀ sí èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Ìdọ́gba kò gbé ohùn láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Ó kàn ń dín ohùn ẹ̀gbẹ́ kan kù ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ arábìnrin kan tí etí ọ̀tún rẹ̀ nìkan ń gbọ́. Ó ń tẹ́tí sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lórí fóònù. Ohùn olùbéèrè wà ní ọ̀tún, ohùn àlejò wà ní òsì. Ìbéèrè nìkan ni ó ń gbọ́, ìdáhùn kò sí, ó sì rò pé ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́. Ó fa ìdọ́gba lọ sí ọ̀tún pátápátá. Ìbéèrè nìkan náà ni ó ṣì ń gbọ́, nítorí pé ohun tí ó ṣe kò ju pé ó pa ìdáhùn ní òsì lọ. Nígbà tí ó wá tan mónò, ìbéèrè àti ìdáhùn wọ etí ọ̀tún rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, mónò ni a kọ́kọ́ ń tàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdọ́gba. Bí etí kejì bá ń gbọ́ díẹ̀, tí ohùn inú rẹ̀ sì ń dún wóró-wóró tàbí tí ó ń ni í lára, ẹ fa ìdọ́gba díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí tí ó dára títí ara yóò fi tù yín.

Lórí iPhone, ẹ ṣí `Settings`, ẹ tẹ `Accessibility`, lẹ́yìn náà `Audio & Visual`. Ẹ óò rí `Mono Audio`, ẹ tàn án. Ìlà ìdọ́gba tí ó ní L àti R wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lórí Samsung, inú `Accessibility` náà ni, lábẹ́ `Hearing enhancements`. Àwọn fóònù Android yòókù kò fi í sí ojú kan náà, nítorí náà ó yá jù kí ẹ ṣí `Settings`, kí ẹ sì kọ `mono` sínú àyè ìwákiri òkè rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows 11, ẹ lọ sí `Settings`, `Accessibility`, `Audio`, kí ẹ sì tan `Mono audio`.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe dúró de ẹlòmíràn. Ẹ fi orin kan sí i, kí ẹ fi íápíìsì tí a kọ L sí sínú etí tí ó dára, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ti R sínú etí kan náà. Bí mónò bá ti tàn tí ìdọ́gba sì wà láàárín, kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ kankan.

Àyẹ̀wò pípààrọ̀ yìí wúlò fún ohun mìíràn pẹ̀lú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́ lójijì, ẹ pààrọ̀ íápíìsì láti etí dé etí. Bí ìdákẹ́jẹ́ náà bá tẹ̀lé íápíìsì lọ, ẹ̀rọ ni ó ní àbùkù: ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ọwọ́ ti ṣèèṣì fa ìdọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tó dá okùn lẹ́bi. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá dúró sí etí kan náà, etí ni ọ̀rọ̀ kàn. Etí tí kò gbọ́ mọ́ lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń fi mónò bò mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé irú rẹ̀ kan wà tí oògùn lè ràn lọ́wọ́ bí a bá tètè dé, tí àǹfààní náà sì ń dín kù bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń kọjá. Ẹ má da òróró tàbí ohunkóhun sí i kí dókítà tó wò ó.

Ohùn ẹnu tún lè sọnù nínú orin nígbà tí ìlù ṣì ń dún, bí ẹni pé akọrin wà nínú kànga. Èyí a máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnu okùn íápíìsì kò bá wọlé tán sínú fóònù. Ẹ tì í wọlé dáadáa.

Mónò kò lè sọ ibi tí ohùn ti ń wá fún yín. Etí méjì ni ènìyàn fi ń mọ ìyẹn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ yọ íápíìsì bí ẹ bá wà lójú títì. Ẹni tí etí méjèèjì rẹ̀ ń gbọ́ lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ fèrè ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dí etí kan ṣoṣo tí ẹ ní, kò sí èyí tí yóò gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ bí ohùn ṣe ń ròkè sí kù. Ẹni tí kò tan mónò a máa yí ohùn sókè láti wá ohun tí kò sí ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, a sì máa fi bẹ́ẹ̀ ba etí rere jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a lè gbọ́ ohùn tí ó ga tó dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀; bí ó bá dé 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹ tan mónò ná, kí ẹ wá yí ohùn wálẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má yé yín mọ́, kí ẹ sì gbé e sókè díẹ̀ láti ibẹ̀.